Gígé ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú 8 sí 5

"Fọ́tò ọ̀rọ̀ tí mo fọwọ́ kọ nìyí. Ìṣẹ́jú 8 ni kíkà rẹ̀, 5 ni wọ́n fún mi. Kí ni kí n yọ tí gbólóhùn tó dùn kò fi ní bá a lọ?"

Ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ẹ ṣọ́ra fún ohun tí ẹ fi ọfà tọ́ka sí létí ìwé. Ó máa ń fara sin nínú fọ́tò. Ẹ fàlà sábẹ́ gbólóhùn 3 tó lágbára jù, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n.

Ìkíni ló sábà máa ń jẹ àkókò jù. Bó bá gba ìṣẹ́jú 2, ẹ sọ ọ́ di ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà, bí àpẹẹrẹ 2 bá ń sọ ohun kan náà, èyí tó gbé gbólóhùn tí ẹ fàlà sí ró ni kí ẹ dá sí. Ẹ kà á sókè pẹ̀lú aago títí yóò fi di ìṣẹ́jú 4 àtààbọ̀, torí àtẹ́wọ́ náà ń gba àkókò.