Ìgbẹ́ adìyẹ àti ti ẹlẹ́dẹ̀ fún oko ẹ̀fọ́

Ìbéèrè: Agége ni mo ti ń gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Ṣé mo lè da ìgbẹ́ adìyẹ àti ti ẹlẹ́dẹ̀ sí i ní tútù?

Rárá o. Ẹyin aràn ẹlẹ́dẹ̀ àti àwọn kòkòrò àìsàn inú ìgbẹ́ lè lẹ̀ mọ́ ewé, amóníà inú ti adìyẹ sì lè jó gbòǹgbò. Ooru ni ó ń pa àwọn kòkòrò náà. Ẹ po ìgbẹ́ pọ̀ mọ́ ìlọ́po méjì lẹ́búlẹ́bú igi láti sọ́míìlì (ti ẹlẹ́dẹ̀ lè gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí omi inú rẹ̀ pọ̀), kí ẹ sì kó o jọ ní òkìtì tí gíga àti fífẹ̀ rẹ̀ kò dín ní mítà kan, nítorí òkìtì kékeré kì í gbóná tó. Bí ẹ bá fún un lọ́wọ́, kí ó tutù, ṣùgbọ́n kí omi má ṣàn jáde. Ẹ fi tapólì bò ó nígbà òjò.

Àárín òkìtì gbọ́dọ̀ gbóná tó 55°C, ó kéré tán, fún ọjọ́ 15, kí ẹ sì yí i padà ní ìgbà 5 láàárín àkókò náà, kí èyí tí ó wà létí lè bọ́ sí àárín. Ẹ fi tẹmómítà gígùn wọ̀n ọ́n. Ọwọ́ lásán kò tó. Bí òórùn rẹ̀ bá ń ta ní imú, ìgbẹ́ ti pọ̀ jù, ẹ fi lẹ́búlẹ́bú igi kún un. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sílẹ̀ fún oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí tí kò fi ní gbóná mọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá yí i, tí yóò sì máa rùn bí ilẹ̀ oko. Ní tèmi, ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ tí kò dé ìwọ̀n ooru yìí kò gbọdọ̀ dé ìdí ẹ̀fọ́ rárá.