Kẹ́tù àlùwàlá lórí tábìlì olùkọ́

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, wọ́n ní kí n máa kọ́ Pírámárì 5 ní ẹ̀kọ́ ìjọsìn ní sáà tó ń bọ̀. Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí ló pọ̀ níbẹ̀, ọmọ oníṣẹ̀ṣe kan wà, àwọn méjì sì wà tí òbí wọn ní àwọn kì í ṣe ẹ̀sìn kankan. Báwo ni mo ṣe máa kọ́ gbogbo wọn pa pọ̀ lórí àdúrà?"

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí mo ṣe àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ yìí, ní ilé ìwé aládàáni kan ní apá Àgbowó ní Ìbàdàn níbí, n kò sì tíì gbàgbé ojú ọmọ náà. Àkọlé iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ni "Bí a ṣe ń gbàdúrà". Mo ní kí gbogbo kíláàsì dìde, kí wọ́n dijú, kí wọ́n pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀. Àwọn ọmọ Mùsùlùmí tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ tiwọn bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé, mo fi wọ́n sílẹ̀. Ọmọkùnrin kan ló dúró tó ń wò mí, kò dijú, kò gbé ọwọ́. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Àǹtí, àwa kì í gbàdúrà nílé wa." Ẹnu yà mí, mo sì tún bi í lójú gbogbo wọn pé kí ni wọ́n wá máa ń ṣe kí wọ́n tó jẹun. Ó ní, "A máa ń fọwọ́." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Kí aago ìsinmi tó dún, wọ́n ti sọ ọ́ ní kèfèrí.

Lọ́sẹ̀ kejì, bàbá rẹ̀ wá. Kò pariwo. Ó kàn ṣí ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ náà síwájú mi. Mo ti ní kí wọ́n kọ gbólóhùn márùn-ún lórí ibi tí wọ́n ti ń jọ́sìn. Ọmọ náà kọ ọ́ pé gbogbo ọjọ́ Àìkú lòun àti ìyá òun ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, pé pásítọ̀ máa ń fún òun ní bisikíìtì. Mo ti fún un ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Bàbá rẹ̀ ní, "Mà, kò sí ṣọ́ọ̀ṣì tí à ń lọ. Ó purọ́ kí wọ́n má baà fi í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́." Ó wá ní, "Ẹ sọ ohun tí àwọn èèyàn ń ṣe fún un, mo fẹ́ kó mọ̀ ọ́n. Ẹ má ṣáà ní kó ṣe é."

Ọ̀rọ̀ bàbá yìí ni mo fi ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà náà. Ó sì bá òfin mu. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, abala 38, ìpín kejì, sọ pé a kò gbọdọ̀ fi dandan mú akẹ́kọ̀ọ́ kankan gba ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tàbí kópa nínú ìsìn tí kì í ṣe tirẹ̀, tàbí èyí tí òbí rẹ̀ kò fọwọ́ sí. Ohun tí mò ń ṣe pẹ̀lú "ẹ dijú" yẹn, mo rò pé ẹ̀kọ́ ni. Ìsìn ni mò ń darí.

Ohun tí mo kọ́kọ́ tún ṣe ni ẹnu ara mi. Yorùbá wa máa ń fa olùkọ́ sínú ọ̀ràn yìí láìmọ̀. "A máa ń kúnlẹ̀", "A máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run": "a" yìí ti kó gbogbo ọmọ tó wà níbẹ̀ pọ̀. Mo pààrọ̀ rẹ̀ sí "àwọn Mùsùlùmí máa ń", "àwọn Kìrìsìtẹ́nì kan máa ń". Ẹ kíyè sí "kan" yẹn o, nítorí ọmọ Sẹ̀lẹ́ṣíà tó bọ́ bàtà sílẹ̀ nígbà tó wọ sùtánà àti ọmọ Onítẹ̀bọmi tó wọ bàtà wọlé ìsìn, Kìrìsìtẹ́nì ni àwọn méjèèjì. Ó gba odindi sáà kan kó tó mọ́ mi lẹ́nu. Mo ní kí olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan jókòó sẹ́yìn kíláàsì, kó máa ka iye ìgbà tí mo bá sọ "a" níbi tó yẹ kí n sọ "àwọn". Ìgbà àkọ́kọ́, ó ka mẹ́rìnlá láàárín ogójì ìṣẹ́jú.

Ìkejì ni ìbéèrè tí a ń bi àwọn ọmọ. Kí n tó wọ kíláàsì, mo máa ń mú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, n óò sì fi ẹnu ọmọ mẹ́rin dáhùn rẹ̀: ọmọ Kìrìsìtẹ́nì, ọmọ Mùsùlùmí, ọmọ oníṣẹ̀ṣe, àti ọmọ tí kò ṣe ẹ̀sìn. Bí ẹnì kan nínú wọn bá ní láti kọ́kọ́ sọ pé "èmi kò ní" kó tó lè dáhùn, mo ti ju ìbéèrè náà nù. "Ìgbà wo lo máa ń gbàdúrà?" kò yege. "Kí lo máa ń ṣe láti múra sílẹ̀ fún ohun tó ṣe pàtàkì sí ọ?" yege, nítorí ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè sọ òtítọ́. Ìdánwò náà rí bẹ́ẹ̀. N kì í kọ "Ṣàlàyé bí o ṣe ń gbàdúrà" mọ́. Mò ń kọ "Dárúkọ ẹ̀yà ara mẹ́ta tí Mùsùlùmí ń fọ̀ nígbà àlùwàlá". Ẹnikẹ́ni tó bá fetí sílẹ̀ ló lè gba máàkì rẹ̀.

Ní ti ẹ̀kọ́ náà gan-an, ẹ má to ẹ̀sìn mẹ́rin síwájú wọn lọ́jọ́ kan kí wọ́n máa fi wéra. Mo ti ṣe é rí, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ó gbà kí ariyànjiyàn "tiwa ló dáa jù" tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú nǹkan kan ṣoṣo láti inú ẹ̀sìn kan ṣoṣo. Àwọn olùkọ́ kan ní Bímíńgámù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Michael Grimmitt àti John Hull pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, ló tẹ ìwé jáde lórí irú iṣẹ́ yìí fún àwọn ọmọ kéékèèké ní ọdún 1991. Nínú ọ̀nà tiwọn, olùkọ́ á mú ọmọ súnmọ́ nǹkan náà dáadáa, lẹ́yìn náà á mọ̀ọ́mọ̀ tún mú un jìnnà díẹ̀, kó lè yé e pé ti àwọn kan ni, kò dandan kó jẹ́ tòun.

Báyìí ni mo ṣe ṣe tèmi. Mo gbé kẹ́tù àlùwàlá kan, oníke, sórí tábìlì, n kò sọ nǹkan kan. Fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ohun tí ojú wọn rí nìkan ni mo ní kí wọ́n sọ: ẹnu rẹ̀ gùn, ó ní ọwọ́, omi inú rẹ̀ kò pọ̀. Ìgbà tí ọmọ Mùsùlùmí kan fẹ́ sọ ohun tí wọ́n ń fi ṣe, mo ní kó dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ya àwòrán sójú pátákó, tí mo sì ń sọ ọ́ ní ìtẹ̀léra: ẹni tó fẹ́ kírun á gbé èrò rẹ̀ kalẹ̀ lọ́kàn, á fọ ọwọ́ dé ọrùn ọwọ́, á yọ omi lẹ́nu, á fi omi símú, á bọ́jú, á fọ apá dé ìgúnpá, ọ̀tún ṣáájú òsì, á fi ọwọ́ tútù pa orí àti etí, á wá fọ ẹsẹ̀ dé kókósẹ̀. Mo fi kún un pé bí omi kò bá sí, yẹ̀pẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ń fi ṣe táyámámù. Ọmọ kankan kò ṣe é fún wa wò. Àní ọmọ Mùsùlùmí pàápàá, n kì í ní kó wá ṣe é lójú kíláàsì, nítorí ìjọsìn rẹ̀ kì í ṣe ìran. N kì í sì í gbé Kùránì yíká láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ni kò fẹ́ kí ẹni tí kò ṣe àlùwàlá fọwọ́ kàn án. Orí tábìlì ni mo máa ń gbé e sí, ní ṣíṣí, kì í sì í kan ilẹ̀.

Ẹ̀kọ́ obì ló le jù. Mo ra obì àbàtà kan ní ọjà Bódìjà, mo gbé e sórí àwo, kí n tó lanu àwọn ọmọ mẹ́ta ti ń pariwo "ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Ẹnì kan ní ti Èṣù ni. Ọmọbìnrin tí bàbá rẹ̀ jẹ́ babaláwo bo ojú rẹ̀ mọ́ orí tábìlì. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ló ń dà wá láàmú. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì ní àwọn ọdún 1800, orúkọ Èṣù ni wọ́n fi pe Sátánì, àwọn Mùsùlùmí tó ń sọ Yorùbá náà sì ń lò ó bẹ́ẹ̀. Èṣù tí àwọn oníṣẹ̀ṣe mọ̀, òjíṣẹ́ tó ń gbé ẹbọ dé ọ̀run ni. Láti ọjọ́ yẹn, tí a bá ń sọ ti Bíbélì, "Sátánì" ni mò ń pè é, tí ó bá jẹ́ ti Ìsìláàmù, "Ṣàìtánì". Èṣù, orúkọ òrìṣà nìkan ni nínú kíláàsì mi. Mo sọ ìdí rẹ̀ fún àwọn ọmọ náà, ó sì yé wọn ju bí mo ṣe rò lọ. Lẹ́yìn náà ni a wá padà sórí obì: awẹ́ mẹ́rin, méjì akọ, méjì abo, àti bí wọ́n ṣe ń fi ìwúre bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò dà á, ẹnikẹ́ni kò sì jẹ ẹ́.

Lẹ́tà wà tí mo máa ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo òbí kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo máa ń kọ nìyí: "A óò kọ́ àwọn ọmọ nípa bí àwọn èèyàn ṣe ń jọ́sìn. A kò ní ní kí ọmọ yín gbàdúrà, kọrin ìsìn tàbí jẹ ohunkóhun. Bí ẹ kò bá fẹ́ kó wà níbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kọ ọ́ síbí." Ọmọ tí òbí rẹ̀ bá kọ̀, kò gbọdọ̀ dúró sínú oòrùn níta bí ẹni tó ṣẹ̀. Ìwé àlọ́ ni mo máa ń fún un, á jókòó ti olùkọ́ kíláàsì kejì, á sì padà wá nígbà tí aago bá dún.

Ní ọjọ́ kẹ́tù yẹn, lẹ́yìn tí mo ti ya àwòrán tán, mo bi wọ́n ní ìbéèrè tó yege yẹn. Ọmọ Kìrìsìtẹ́nì kan ní ìyá òun máa ń lọ aṣọ ọjọ́ Àìkú ní alẹ́ Sátidé. Ọmọ mìíràn ní òun máa ń mí kanlẹ̀ kí òun tó gbá pẹnáritì. Ọmọkùnrin mi yẹn na ọwọ́. Ó ní nígbà tí wọ́n bí àbúrò òun, ìyá wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fọwọ́, pé òun á fi ọṣẹ fọ tòun dé ìgúnpá kí òun tó lọ jókòó kí wọ́n gbé e fún òun. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọmọ Mùsùlùmí tó jókòó tì í ní, "Dé ìgúnpá? Bíi tiwa."