Èsì sí ẹ̀sùn tí kò tọ́ sí ṣọ́ọ̀bù wa

"Ẹ jọ̀ọ́, oníbàárà kan fún ṣọ́ọ̀bù mi ní ìràwọ̀ kan ṣoṣo lórí Google nítorí ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi wa. Kí ni kí n kọ?"

Ẹ má tíì kọ ohunkóhun lálẹ́ òní. Léèsì ni mo ń tà n'Ìbàdàn. Obìnrin kan ní Ìlọrin ra yáàdì márùn-ún funfun lọ́wọ́ mi, ó sì ní kí n gbé e fún awakọ̀ kan tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ ní gáréèjì. Aṣọ náà dé ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú àbàwọ́n epo pupa, ló bá kọ ọ́ sórí Google pé aṣọ tó ti bàjẹ́ ni mo ń tà. Aago mọ́kànlá alẹ́ ni mo rí i. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ fóònù. Mo pè é ní òpùrọ́, mo sì kọ orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ síbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn tó ń kà á kò sọ̀rọ̀ epo mọ́, èébú tí mo bú u ni wọ́n ń sọ. Àbúrò mi tó jẹ́ agbẹjọ́rò sáré pè mí pé kí n yọ nọ́ńbà náà kúrò, nítorí òfin ọdún 2023 tó ń dáàbò bo ìsọfúnni aráàlú ní Nàìjíríà lè mú mi. Mo tún èsì náà kọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ti rí i.

Mo tẹ "Report review", mo dúró fún ọjọ́ mélòó kan, Google ní ọ̀rọ̀ obìnrin náà kò tàpá sí òfin wọn. Ó bí mi nínú gan-an. Wọ́n lè yọ ọ̀rọ̀ ìkórìíra tàbí ayédèrú, ṣùgbọ́n wọn kì í dájọ́ láàárín olùtà àti olùrà. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní amòye gba 40,000 náírà lọ́wọ́ mi pé òun yóò pa á rẹ́. Títí di òní, ó ṣì wà níbẹ̀. Ẹ má sì ṣèlérí owó fún oníbàárà kí ó lè yọ ọ́, nítorí òfin Google lòdì sí ìyẹn.

Ẹ wo rìsíìtì àti ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ lórí WhatsApp, kí ẹ tó kọ èsì. Ohun tí mo padà kọ nìyí:

"Ẹ kú ìnáwó, ẹ má bínú pé aṣọ náà dé ọwọ́ yín pẹ̀lú àbàwọ́n. A ya fọ́tò rẹ̀ kí a tó dì í, funfun ni ó wà, awakọ̀ tí ẹ júwe fún wa ni a sì gbé e fún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù wa, kí a lè fi fọ́tò náà ránṣẹ́, kí a sì jọ bi awakọ̀ náà."

Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ "ẹ má bínú", n kò kọ "ẹ dárí jì wá", nítorí ti àkọ́kọ́ ń tu ọkàn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka èkejì yóò gbà pé mo jẹ̀bi. Ẹni tó fẹ́ ra léèsì lọ́la ni mò ń bá sọ̀rọ̀ jù níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì obìnrin náà pè. Awakọ̀ jẹ́wọ́ pé kẹ́ẹ̀gì epo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ náà nínú búùtù. Obìnrin náà kò yọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ ìràwọ̀ náà di mẹ́ta, ó sì fi kún un pé ọ̀nà ni aṣọ náà ti bàjẹ́.