Èfu ẹnu ọmọ kì í gbọ́ ti ampíkílọ́ọ̀sì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin apoògùn wa. Ọmọ mi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹnu rẹ̀ ń funfun, kò sì fẹ́ mu ọmú dáadáa mọ́. Ìyá ọkọ mi ní èfu ni, wọ́n ń fi aṣọ àti iyọ̀ ha á. Oníkẹ́mísì fún wa ní ampíkílọ́ọ̀sì tí wọ́n ń kán sí ọmọ lẹ́nu. Ọjọ́ karùn-ún rèé, ṣe ló ń pọ̀ sí i. Ṣé kí n lọ béèrè èyí tó le jù ú lọ ni, àbí ọmú mi ló bàjẹ́ tí kí n dá a dúró? — Ìyá Ìkókó, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.

Ìdáhùn: Rárá sí méjèèjì, ìyá ìkókó. Kò sí ohun tó ṣe ọmú yín, ẹ máa fún ọmọ lọ. Ní ti oògùn tó le jù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dé ìdí rẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń bí mi nínú ní ṣọ́ọ̀bù wa l'Ádó, torí pé kì í tán nílẹ̀. Ìyá á gbé ọmọ wọlé, ìgò ampíkílọ́ọ̀sì á wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu ọmọ á sì funfun ju ti ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìgò náà lọ.

Kí a kọ́kọ́ mọ̀ bóyá èfu ni lóòótọ́, torí pé mi ò rí ọmọ náà. Ẹ gbé e súnmọ́ fèrèsé lọ́sàn-án, tàbí kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́nu nígbà tó bá ń yán. Bó bá jẹ́ pé orí ahọ́n nìkan ló funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, pàápàá lẹ́yìn tó mu ọmú tán, wàrà lásán ni. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tó tutù wé ìka, kí ẹ fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan péré. Wàrà á nù kúrò, ahọ́n á sì pọ́n wẹ́rẹ́ bó ṣe yẹ. Èfu kì í dúró sórí ahọ́n nìkan. Ẹ ó bá a nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, lẹ́yìn ètè, lórí èrìgì, nígbà mìíràn lókè àjà ẹnu. Ó máa ń ga díẹ̀, ó sì máa ń lẹ̀ típẹ́típẹ́. Bí ẹ bá fipá mú un kúrò, ojú ibẹ̀ á pupa, ó sì lè ṣẹ̀jẹ̀.

Ohun tí iyọ̀ àti aṣọ ń ṣe nìyẹn. Orúkọ tí màmá pe àìsàn náà kò jìnnà sí òótọ́, ẹ bá mi kí wọn. Ṣùgbọ́n hiha ni kí wọ́n bá wa dáwọ́ rẹ̀ dúró lónìí. Ojú egbò ni wọ́n ń ṣí, tí wọ́n sì tún ń fi iyọ̀ sí i. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ hiha náà gan-an ló mú kí ọmọ máa sá fún ọmú, torí pé gbogbo ìgbà tó bá fà á ni ẹnu rẹ̀ ń ta á.

Ó wá ku ampíkílọ́ọ̀sì. Oògùn méjì ló wà nínú rẹ̀, ampisílíìnì àti kíloksasílíìnì, ọmọ ìyá pẹnisílíìnì ni àwọn méjèèjì. Iṣẹ́ tí ìdílé pẹnisílíìnì mọ̀ ni pé kó dí bakitéríà lọ́wọ́ níbi tó ti ń mọ ògiri ara rẹ̀, títí tí ògiri náà á fi ya. Ohun tó ń fa èfu kì í ṣe bakitéríà. Fọ́ńgọ́ọ̀sì ni, ará ilé olú àti ohun tó máa ń hù sára búrẹ́dì tó bá bu. Kándídà lorúkọ rẹ̀. Ohun tó fi mọ ògiri tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá, nítorí náà pẹnisílíìnì kò rí nǹkan kan dì mú lára rẹ̀. Ẹ lè fún ọmọ ní odidi ìgò, ẹ lè lọ ra èyí tó wọ́n jù ní gbogbo Ìkẹ́rẹ́, Kándídà kò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń bá òun jà.

Bó bá jẹ́ pé kò wúlò nìkan ni, ǹ bá fẹnu mọ́ ọn níbẹ̀. Ó ń bà á jẹ́ sí i ni. Kándídà wà lẹ́nu ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn tí ara wọn dá ṣáṣá, kì í sì í ṣe wọ́n ní nǹkan kan, torí pé àwọn bakitéríà tí wọ́n jọ ń gbé ẹnu kò fún un láyè. Ampíkílọ́ọ̀sì wọlé, ó pa àwọn yẹn, ó fi Kándídà sílẹ̀. Bí oko tí a ro mọ́lẹ̀ tí a ò gbin nǹkan kan sí ló rí: koríko tí ẹ ò fẹ́ ni yóò kọ́kọ́ gba gbogbo rẹ̀. Ìdí tó fi ń pọ̀ sí i láti ọjọ́ márùn-ún nìyẹn. Bí oníkẹ́mísì bá tún fi èyí tó le jù rọ́pò rẹ̀, ilẹ̀ ló tún bá a ro.

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí o. Bó bá jẹ́ pé nítorí èfu nìkan ni wọ́n ṣe fún un ní ampíkílọ́ọ̀sì, ẹ dá a dúró. Ṣùgbọ́n bí dókítà bá yẹ ọmọ wò tó sì fún un nítorí àìsàn mìíràn, ẹ má tìtorí ohun tí mo kọ yìí dá a dúró. Ẹ padà lọ bá dókítà náà, kí ẹ sọ fún un pé èfu ti yọ.

Oògùn tó mọ Kándídà ni nísítátíìnì. Àwọn obìnrin méjì kan, Elizabeth Hazen àti Rachel Brown, ló gbé e jáde ní New York ní 1950. Inú erùpẹ̀ oko kan ni wọ́n ti rí ohun tíntìntín tó ń ṣe é. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé: ọ̀rá kan wà nínú awọ tó bo Kándídà tí wọ́n ń pè ní ẹ́gósítẹ́róòlù. Kò sí irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ lára bakitéríà. Kò sí lára èèyàn náà, kọlẹ́sítẹ́róòlù ni tiwa. Nísítátíìnì á lẹ̀ mọ́ ẹ́gósítẹ́róòlù yìí, á lu awọ náà ní ihò, ohun inú rẹ̀ á sì máa jò dànù títí yóò fi kú.

Ó ní láti fara kan Kándídà kó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ìyá ti ń ṣì í lò nìyí. Nísítátíìnì tí ọmọ gbé mì kì í wọ inú ẹ̀jẹ̀ tó nǹkan kan, kò sì ní gba inú ẹ̀jẹ̀ padà wá sí ẹnu. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kó ṣe ọmọ ní jàǹbá púpọ̀, ìyẹn náà sì ni kò fi ní ṣiṣẹ́ bí ẹ bá dà á sí ọmọ lọ́nà ọ̀fun tó sì gbé e mì lójú ẹsẹ̀. Ẹ má bù ú sínú fídà o.

Ìgò rẹ̀ sábà máa ń ní oògùn olómi pupa rẹ́súrẹ́sú nínú. Ìyẹ̀fun rẹ̀ máa ń rọ̀ sísàlẹ̀, nítorí náà bí ẹ ò bá mì ín dáadáa kí ẹ tó fà á, omi lásán lẹ ó máa fún ọmọ níbẹ̀rẹ̀, gbogbo agbára oògùn á kù sí ìsàlẹ̀ ìgò. Ìwọ̀n tí wọ́n sábà máa ń kọ fún ìkókó ni mílílítà 1 ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, lára èyí tí ẹyọ 100,000 wà nínú mílílítà kọ̀ọ̀kan. Dókítà mìíràn á kọ 2. Èyí tí ẹni tó rí ọmọ bá kọ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Lẹ́yìn tó bá mu ọmú tán ni kí ẹ lò ó, kí wàrà má baà ṣàn án kúrò. Bó bá jẹ́ mílílítà 1 ni, ẹ kán ìdajì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ìdajì sí ti òsì, kí ẹ fi ìka tí ẹ ti fi ọṣẹ fọ̀ pa á kiri ibi tó funfun.

Ní bí ọjọ́ mẹ́ta, ó yẹ kí ojú ibẹ̀ ti máa mọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń gbé ìgò sápá kan, tó bá wá di ọ̀sẹ̀ kejì, èfu á padà. Ìwọ̀nba tó kù tí ojú kò rí ló tún hù. Lẹ́yìn tí ẹ ò bá rí funfun kankan mọ́, ẹ ṣì lò ó fún ọjọ́ méjì sí i. Bó bá jẹ́ mílílítà 4 lẹ ń lò lójúmọ́, ìgò mílílítà 30 á gbé yín dé ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ wo orí ọmú tiyín náà. Bó bá ń ta yín, tó pupa, tó ń dán, tàbí tó ń sán, ẹ sọ ọ́ nílé ìwòsàn kí wọ́n tọ́jú ìyá àti ọmọ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó kàn máa kó o fún ara yín lọ bọ̀ ni. Ẹ máa se ohun tí ọmọ ń fà lẹ́nu àti orí fídà, tó bá ń lò ó.

Mìkónásóòlù, oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì mìíràn tó kì bí ọ̀rá, ẹ má fún ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà; ó lè há a lọ́fun. Oyin ńkọ́? Rárá, títí yóò fi pé ọdún kan. Jẹ́ńṣánì fáyólẹ́ẹ̀tì, aláwọ̀ àlùkò yẹn, lè bó ọmọ lẹ́nu, kò sì ní jẹ́ kí dókítà rí ohun tó wà níbẹ̀.

Ẹni tó bá ń ka èyí tó sì ti dàgbà, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀ díẹ̀. Èfu lè mú àgbà tó ń fi eyín àtọwọ́dá sùn, a sì lè máà rí funfun kankan: pípupa ni abẹ́ eyín náà máa ń pupa, igun ẹnu á sán, ọbẹ̀ iyán á máa ta wọ́n. Ó lè mú onítọ̀ọ́ ṣúgà, ẹni tó ń fa oògùn ikọ́ fée onísítẹ́rọ́ọ̀dù tí kì í yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀, àti ẹni tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ. Bó bá kàn dédé yọ lẹ́nu àgbà tí a ò mọ ìdí, kó lọ ṣe àyẹ̀wò ṣúgà àti ti HIV, kó má jókòó ti oògùn nìkan. Èyí tó bá sì funfun tí kò ṣeé nù kúrò rárá fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, dókítà eyín ni kó wò ó.

Ọ̀pọ̀ ìkókó tó ní èfu kò ní HIV, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà yín. Àmọ́ bó bá ń padà ṣáá tàbí tí ọmọ kò sanra, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ìyá àti ọmọ wò.

Bí ara rẹ̀ bá gbóná dé 38, tó kọ ọmú pátá, tí kò tọ̀ dáadáa tàbí tí mímí rẹ̀ yí padà, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì ilé ìlera alábọ́ọ́dé tó wà nítòsí wo ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó ra nísítátíìnì. Bó bá pé ọjọ́ méje tí ẹ ti ń lò ó bó ṣe yẹ tí kò sì lọ, ó di ti dókítà ọmọdé. Ẹ mú ìgò méjèèjì dání, títí kan ti ampíkílọ́ọ̀sì, kó lè rí gbogbo ohun tó ti wọ ọmọ lẹ́nu.