Bíréèkì ni wọ́n fi ń jẹ owó páàtì-táìmù

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, iléèwé aládàáni kan l'Àkúrẹ́ gba èmi àti obìnrin kan pé ká jọ pín iṣẹ́ tíṣà kan. Mọ́ńdè sí Wẹ́sìdè ni tèmi, Tọ́sìdè àti Fúráìdè ni tiẹ̀. ₦120,000 lowó ẹni tó bá ń wá lójoojúmọ́. Ọjọ́ 15 Sẹ́tẹ́ńbà 2025 ni mo bẹ̀rẹ̀. Èló ló yẹ kí n gbà fún Sẹ́tẹ́ńbà?"

Àǹtí, kẹ́ ẹ tó dé orí Sẹ́tẹ́ńbà rárá, ẹ bi bọ́sà yín léèrè pé wákàtí mélòó ni wọ́n ń pè ní iṣẹ́ kíkún lọ́sẹ̀, ṣé bíréèkì sì wà nínú ẹ̀. Ibẹ̀ lojú mi ti rí màbo ní Oǹdó.

Aago méje ààbọ̀ là ń dé, aago mẹ́ta ààbọ̀ là ń ṣíwọ́. Wákàtí mẹ́jọ nìyẹn lójúmọ́, 40 lọ́sẹ̀. Wákàtí kan nínú ẹ̀ jẹ́ bíréèkì, tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, méje ló kù lójúmọ́, 35 lọ́sẹ̀. Èmi náà pín iṣẹ́ pẹ̀lú ẹnìkan, ọjọ́ mẹ́ta ni mo ń lọ bíi tiyín. Bọ́sà wa yọ bíréèkì tèmi, ó kọ 21 síwájú orúkọ mi. Nígbà tó dé orí iṣẹ́ kíkún, kò yọ nǹkan kan, 40 ló fi pín in. Ó di 0.525. Bẹ́ẹ̀ ọmọ kékeré mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́ta nínú márùn-ún jẹ́ 0.6, yálà ẹ fi 24 sórí 40 ni o, tàbí 21 sórí 35. Tá a bá gbé e lé ₦120,000 tiyín, 0.525 á fún yín ní ₦63,000, 0.6 á fún yín ní ₦72,000. Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án lóṣooṣù!

Mo bá bọ́sà sọ ọ́, ó ní kọ̀ǹpútà ló ṣírò ẹ̀. Mo dé ọ̀dọ̀ akáùńtáǹtì tí wọ́n ń háyà láti ìta, ẹni tó fi táì dí ọrùn pa nínú ooru, ó ní wákàtí mi ni ò pé. Ó yí kọ̀ǹpútà sí mi: lábẹ́ FTE, ìyẹn ìpín tẹ́nì kan ń ṣe nínú iṣẹ́ kíkún, 0.53 ló wà níbẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún ìyẹn náà, kọ̀ǹpútà ń gé nọ́ńbà kúrú fún ojú ni, 0.525 ló fi ń ṣírò lábẹ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi èyí tẹ́ ẹ rí ṣe é nílé, kò ní bá owó yín mu, wọ́n á wá ní ẹ ò mọ ìṣirò.

Ohun tó tú àṣírí wọn ni pé mo wo ìlà ẹnìkejì mi. Wákàtí 14 tiẹ̀ lórí 40, 0.35. Mo ro ó mọ́ tèmi, 0.875. Ẹni méjì tó pín iṣẹ́ kan ṣoṣo, tí ìpín wọn ò pé 1, ta ló wá gba ìyókù? Akáùńtáǹtì dákẹ́. Bó bá ju 1 lọ ni kò burú, tó bá jẹ́ pé ẹ jọ ń pàdé láti fa iṣẹ́ lé ara yín lọ́wọ́, wọ́n sì ń sanwó wákàtí yẹn fún yín.

Ó dáa, Sẹ́tẹ́ńbà. Ọjọ́ yín nínú oṣù yẹn jẹ́ 14, látọjọ́ 15 lọ ó jẹ́ 8. Ẹ fi 14 pín ₦72,000, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 8: bíi ₦41,143. Tí lẹ́tà yín bá ní ọjọ́ kàlẹ́ńdà ni wọ́n ń kà, ọjọ́ 16 nínú 30 ni, ₦38,400, ẹ má bá wọn jà lórí ìyẹn. Èyí tẹ́ ò gbọ́dọ̀ gbà ni kí wọ́n fi 22, ọjọ́ iṣẹ́ àwọn tó ń wá lójoojúmọ́, pín ₦72,000, kí wọ́n wá fún yín ní ìlọ́po 8. ₦26,182 péré ló máa jẹ́. Wọ́n ti gé yín sí 0.6 tẹ́lẹ̀, wọ́n tún gé yín lẹ́ẹ̀kejì. Tí wọ́n bá fẹ́ lo 22, orí ₦120,000 ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ bá mi sọ fún ẹnìkejì yín pé ₦48,000 ni tiẹ̀, kó má sì fọkàn sí ₦70,000 ìjọba. Òfin owó oṣù tó kéré jù lọ yọ àwọn páàtì-táìmù sílẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń pariwo ẹ̀ ló ń sọ ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà yín báyìí: "wákàtí 21 nínú 35, a ti yọ bíréèkì nínú méjèèjì." Tó bá jẹ́ wákàtí mìíràn ni tiyín, ẹ fi tiyín síbẹ̀.