Táàgì fídíò: ibo ni ká kọ “moi moi”, “moyin moyin” àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ sí?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbé fídíò mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje sórí YouTube. Ẹnì kan ta àkójọ táàgì fún mi ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà, mo sì kó gbogbo rẹ̀ síbẹ̀ títí àyè fi kún. Síbẹ̀, àwọn tó wò ó kò pé àádọ́ta. Ṣé táàgì ṣì ń ṣiṣẹ́ báyìí? Níbo ni kí n kọ oríṣiríṣi ọ̀nà tí àwọn èèyàn ń gbà kọ mọ́ínmọ́ín sí?

Ìdáhùn: Owó yẹn ti lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má san irú rẹ̀ mọ́. Inú ń bí mi sí àwọn tó ń ta àkójọ táàgì, torí pé àwọn tí kò lówó lọ́wọ́ gan-an ni wọ́n ń lọ bá. Kì í sì í ṣe pé àkójọ tiyín ni kò dára tó. Kò sí àkójọ kankan láyé yìí tó lè ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ní tiwọn máa ṣe.

YouTube fúnra wọn kọ ọ́ sójú ìwé ìrànlọ́wọ́ wọn, ọ̀fẹ́ ni, pé táàgì wúlò bó bá jẹ́ pé àwọn èèyàn sábà máa ń ṣi ohun tí fídíò dá lé lórí kọ. Yàtọ̀ síyẹn, ipa kékeré ló ń kó nínú bí èèyàn ṣe ń rí fídíò. Ẹ rò ó wò: inú àpótí `Tags` ni táàgì wà, nísàlẹ̀ `Show more` ní YouTube Studio, ẹni tó ń wo fídíò kì í sì í rí i níbẹ̀. Ibi tí òǹwòran kò lè rí, ẹnikẹ́ni lè purọ́ kún un. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ náà ló ṣẹlẹ̀ sí ojú ìwé ayélujára tẹ́lẹ̀: àwọn èèyàn ń kó ọ̀rọ̀ tí kò kàn wọ́n sínú kóòdù tí òǹkàwé kì í rí, títí Google fi kéde ní 2009 pé àwọn kì í wo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ bí àwọn bá ń to èsì ìwárí. Ohun tí YouTube ń wò jù ni bóyá àkọlé, àpèjúwe àti ohun tó wà nínú fídíò bá ohun tí ẹnì kan ń wá mu, àti bóyá àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dúró wò ó.

Àyè ẹ́ẹ̀dẹ́gbẹ̀ta (500) lẹ́tà ló wà nínú àpótí yẹn. Kì í ṣe dandan kó kún. Mo ti rí irú àkójọ tí wọ́n ń tà yìí: orúkọ olórin wà níbẹ̀, orúkọ fíìmù wà níbẹ̀, “viral” wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ yọ gbogbo ìyẹn kúrò lónìí. Òfin YouTube kò gbà kí àkọlé, àpèjúwe tàbí táàgì ṣi òǹwòran lọ́nà. Mi ò sọ pé wọ́n á yọ fídíò yín, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ wọn ni bí wọ́n bá fẹ́.

Ìbéèrè yín kejì ló níyì jù, torí mọ́ínmọ́ín wà lára ohun díẹ̀ tí táàgì ṣì wúlò fún. Ṣùgbọ́n oríṣi ọ̀rọ̀ méjì lẹ kó pọ̀. Àṣìkọ wà, orúkọ mìíràn sì wà. Ibi tí wọ́n ń gbé kò bára mu.

Àṣìkọ ni ohun tí ìka èèyàn tẹ̀ nígbà tó ń wá ohun kan náà gan-an: “moyin moyin”, “moimoi”, “mai mai”. Ẹ ò lè kọ èyí sínú àkọlé, ojú yóò tì yín. Ẹ kó wọn sínú `Tags`, kí àmì kọ́mà wà láàárín wọn. Gbogbo ohun tí fídíò yín nílò kò ju èyí lọ:

```
moin moin, moinmoin, moimoi, moyin moyin, moyi moyi, mai mai
```

Ẹ rí i pé “moi moi” kò sí níbẹ̀. Kì í ṣe àṣìkọ mọ́, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn, nítorí náà inú àkọlé ló yẹ kó wà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó wọ́pọ̀ jù, ẹ tẹ “moi” sínú àpótí ìwárí YouTube láìwọlé sí àkáǹtì yín, kí ohun tí ẹ ti ń wò tẹ́lẹ̀ má bàa tàn yín. Ẹ wo ohun tó máa dábàá, lẹ́yìn náà ẹ tẹ “moin” wò. Ẹ má sì tìtorí èyí bọ́ àmì ohùn kúrò lára Yorùbá yín. Ọ̀pọ̀ kì í tẹ àmì bí wọ́n bá ń wá nǹkan, ṣùgbọ́n àkọlé gba ọgọ́rùn-ún (100) lẹ́tà, àyè wà fún méjèèjì:

```
Mọ́ínmọ́ín Ẹlẹ́mìí Méje Tó Dì Dáadáa | Moi Moi
```

Orúkọ mìíràn ni ọ̀lẹ̀lẹ̀. Ẹni tó tẹ “olele” kò ṣi nǹkan kan kọ. Bí wọ́n ṣe ń pè é nílé wọn nìyẹn, àwọn ará Sàró tó ń sọ Kírìó náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó tọ́ ni, kò yẹ ká fi í pamọ́ sínú àpótí tí ẹnì kan kò rí. Ẹ fi ẹnu yín sọ ọ́ nínú fídíò, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìlà méjì àkọ́kọ́ àpèjúwe gẹ́gẹ́ bí gbólóhùn tó mọ́gbọ́n wá: “Mọ́ínmọ́ín, tí àwọn mìíràn ń pè ní ọ̀lẹ̀lẹ̀ (olele), ni mo ń sè lónìí pẹ̀lú ẹ̀wà tí mo bó fúnra mi.” Gbólóhùn kan ti tó.

Ẹnì kan á ní kí ẹ fi “abará” kún un nítorí àwọn ará Bahia ní Brazil. Ìbátan mọ́ínmọ́ín ni abará lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe òun lẹ sè, ẹni tó wá a máa tẹ̀ ẹ́, á rí i pé kì í ṣe ohun tóun fẹ́, á sì jáde kíá. Ìjáde yẹn burú fún fídíò yín ju kó má rí i lọ.

Ẹ má sì da àkójọ àṣìkọ sísàlẹ̀ àpèjúwe. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń sá lọ bí wọ́n bá gbọ́ pé táàgì ò lágbára mọ́. Àkójọ táàgì rẹpẹtẹ nínú àpèjúwe lòdì sí òfin YouTube lórí ìtànjẹ. Háṣítáàgì yàtọ̀ sí táàgì, òun hàn sójú ayé. Méjì tàbí mẹ́ta ti tó. Bó bá ju ọgọ́ta (60) lọ, YouTube kò ní ka ẹyọ kan nínú wọn.

Bí ẹ bá ti tún un ṣe, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n (28), kí ẹ má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí `Analytics` fídíò náà, ẹ wá `Traffic source`, ẹ tẹ `YouTube search`. Ibẹ̀ lẹ ó ti rí ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn tẹ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ yín. Bí “olele” bá wà lókè níbẹ̀, ẹ gbé e lọ sínú àkọlé. Bí àṣìkọ kan tí ẹ ò ronú kàn bá yọjú, ẹ fi kún `Tags`. Bó bá sì jẹ́ pé wọ́n ń dé, ṣùgbọ́n tí wọn kì í dúró tó ìṣẹ́jú kan, ẹ fi táàgì sílẹ̀, kí ẹ lọ gé ìkíni gígùn tó wà níbẹ̀rẹ̀ fídíò yín.