Kọ Ẹ̀ṣọ́ sí i kí o tó gba fọ́ǹtì gbọ́

"Ẹ̀yin ọ̀gá, mo ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì inú dísáìnì ìwé ìpè kan sí Yorùbá. Fọ́ǹtì wo ló ń gbé àmì orí àti tìsàlẹ̀ dáadáa?"

Noto Serif tàbí Gentium Plus. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n dúró ná, àbúrò, kí ohun tó ṣe mí má bàa ṣe ọ́.

Bánà ìsìnkú ni wọ́n gbé fún mi. Fọ́ǹtì inú dísáìnì náà rẹwà, ó dà bí ìkọ̀wé ọwọ́. Mo pa Gẹ̀ẹ́sì rẹ́, mo tẹ "Ó dàárọ̀ o" àti "A dúpẹ́, ẹ ṣeun" sí i. Ó, à àti á jáde, torí àwọn Pọtogí náà ń lò wọ́n. Ẹ àti ọ jáde, torí àwọn ará Fiẹtinámù ń lò wọ́n. Ibẹ̀ ni mo ti tan ara mi jẹ. Àwọn yẹn kò ní ṣ, ni kọ̀ǹpútà bá lọ yá ṣ lára fọ́ǹtì mìíràn, ó wá dúró gbagidi láàárín àwọn lẹ́tà tó ń ṣe wọ́lọ́wọ́lọ́. Èyí tó burú jù ni ọ̀ àti ẹ́. Unicode, àkójọ lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò, kò ní ọ̀ ní odidi. Ọ ni, tí àmì U+0300 gun lórí. Bí ẹni tó ṣe fọ́ǹtì kò bá ṣe ibi tí àmì yóò jókòó, àmì á yọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń pe ara rẹ̀ ní olùkọ́ dísáìnì ní kí n fi àmì ìdánudúró ṣe ẹsẹ̀ lẹ́tà. Mo gbọ́ràn sí i lẹ́nu! Fáìlì dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé, fọ́ǹtì mi kò sí lórí kọ̀ǹpútà tiẹ̀, òmíràn rọ́pò rẹ̀, lẹ́tà sún, àmì tèmi kò sún. Èyí tó yẹ kó wà lábẹ́ ẹ wá wà lábẹ́ p. Atẹ̀wé ní Yorùbá ló le jù. Owó àpò mi ni mo fi tẹ òmíràn.

Nítorí náà, tẹ èyí pẹ̀lú fọ́ǹtì tó wù ọ́, kí o sì sọ ọ́ di ńlá lójú kọ̀ǹpútà:

```
Ẹ̀ṣọ́ Ọ̀ṢỌ́ ẹ́ ọ̀ s ṣ m̀ ń
```

Bí ṣ bá nípọn ju s lọ, tàbí àmì kò sí láàárín orí lẹ́tà, pa fọ́ǹtì náà tì. Bí Noto gan-an bá ń yọ̀ nínú Photoshop àtijọ́, lọ sí Type nínú Preferences, yan World-Ready Layout. Bí fọ́ǹtì ẹlẹ́wà náà bá wù ọ́ dandan, fi sí ibi tí kò sí àmì, kí o pààrọ̀ odidi ìlà yòókù, má ṣe pààrọ̀ lẹ́tà kan ṣoṣo.

Ṣọ́ra fún àwọn fọ́ǹtì Yorùbá àtijọ́ o. Wọ́n fi ẹ sí ipò àmì mìíràn, nítorí náà bí o bá da ọ̀rọ̀ náà kọ síbòmíràn, wúruwùru ló ń dà.

Fún atẹ̀wé, yí lẹ́tà padà sí àwòrán, kí o fi PDF ránṣẹ́. Tọ́jú ẹ̀dà tó ṣeé tún ṣe sọ́wọ́. Kí o sì fi àyè sáàárín ìlà, torí orí Ọ̀ ńlá máa ń kọlu ẹsẹ̀ ẹ tó wà lókè rẹ̀.